Ohùn tí mo fi ránṣẹ́ sí Kétu

Ohùn náà kò ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ. Inú takisí ni mo ti gbà á sílẹ̀ lórí Wọ́tsáàpù, nígbà tí mo ń ti ọjà Wándó bọ̀ nílé ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n ti pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà pé àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan ní Kétu ti kú, pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ni. Ìyá ọmọ náà ni mo fi ohùn ọ̀hún ránṣẹ́ sí. Òun ló wá bá mi wẹ ìbejì mi nígbà tí mo bí wọn, kò sì sí bí mo ṣe lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn kí n dákẹ́. Mo ní:

"Màmá, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run ló fúnni, Ọlọ́run náà ló gbà á. Ó ti lọ sinmi báyìí, wàhálà ayé ti tán fún un. Ẹ má sunkún mọ́, ẹ ro ti àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n kí ló dé gan-an, Màmá? Ṣé kò sọ nǹkan kan fún yín ni?"

Mo rí i pé ó gbọ́ ọ. Kò fèsì. Mo rò pé ẹkún ni kò jẹ́ kó lè fèsì.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó ráyè lọ. A gba Sàkété, a gba Pọbẹ̀, ilẹ̀ pupa ti bo bàtà mi kí n tó dé ẹnu ọ̀nà wọn. Mo bá Màmá lórí àpótí níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ìka rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn: ó tẹ̀ ẹ́, ó fọ́, ó ju èèpo sílẹ̀, ó ju ọmọ inú rẹ̀ sínú igbá. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n jókòó, kí n bá òun bó díẹ̀. A bó o títí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ ohùn rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bó ṣe bá mi lára, kó o lè mọ èyí tó o máa sọ fún ẹlòmíì."

Ó wá mú gbólóhùn mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọkàn àti ọpọlọ léèrè, mo sì ti jókòó sí ilé ọ̀fọ̀ bí irú èyí lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ṣùgbọ́n ẹnu Màmá ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ ọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ látorí "Ọlọ́run ló gbà á." Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ ni, ó sì bá òkú tí àìsàn pa tàbí tí jàm̀bá ọkọ̀ pa mu. Màmá ní, "Bó o ṣe sọ ọ́ ni ìbéèrè bọ́ sí mi lọ́kàn. Ṣé Ọlọ́run ló gbà á, àbí ọmọ mi ló lọ kó ara rẹ̀ fún Un nígbà tí kò tíì pè é? Ọjọ́ méjì ni mi ò lè gbàdúrà." Ìjọ Kátólíìkì ni Màmá ń lọ. Kí ohùn tèmi tó dé, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wọn ti wá jókòó tì í, ó sì ti sọ fún un ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í rí ọ̀run wọ̀. Nítorí náà, tí mo bá tún dárúkọ Ọlọ́run láì sọ èyí tó yé e, egbò yẹn gan-an ni mò ń tẹ̀.

Mo ti lọ wo ohun tí ìjọ wọn fúnra rẹ̀ kọ. Nínú Katekísìmù tí Póòpù John Paul Kejì gbé jáde ní 1992, ìpínrọ̀ 2282 sọ pé ìdààmú ọkàn tó le, ìrora tàbí ìbẹ̀rù ńlá lè dín ẹ̀bi ẹni tó pa ara rẹ̀ kù. 2283 sì sọ pé kí a má ṣe sọ ìrètí nù lórí ìgbàlà irú ẹni bẹ́ẹ̀, pé ìjọ ń gbàdúrà fún wọn. Nígbà tí mo ka èyí fún Màmá, ó ní kí n tún un kà. Ó ní kí n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé fún òun, ó sì ká ìwé náà mọ́ etí ìró rẹ̀. N kò sọ pé kí gbogbo ẹni tó bá lọ sílé ọ̀fọ̀ máa gbé ìwé ẹ̀sìn lọ. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ ohun tí ẹ̀sìn ẹni náà sọ ní tòótọ́, ká má fi ẹnu tiwa dájọ́ ọ̀run fún òkú. "Màmá, mò ń bá yín gbàdúrà fún un" ti tó, kò sì sí ìdájọ́ kankan nínú rẹ̀.

Gbólóhùn kejì ló dẹ́rù bà mí jù, torí pé etí tí n kò rò ni ó wọ̀.

Màmá ní ọmọkùnrin mìíràn, èyí tó tẹ̀ lé òkú náà. Owó ni àwọn méjèèjì jọ yá láti fi ra alùpùpù tí wọ́n fi ń gbé èrò, èyí tí à ń pè ní zẹ́mì, wọn kò sì tíì san án tán. Nígbà tí Màmá ń gbọ́ ohùn mi, ó wà nítòsí. Ó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ti lọ sinmi, pé wàhálà ayé ti tán fún un. Ẹni tí gbèsè kan náà wà lọ́rùn rẹ̀, tí kò rí oorun sùn, ni mo ń sọ fún pé ikú ni ìsinmi. Kí ọjọ́ náà tó ṣú, àgbàlagbà kan tún jókòó sí àárín àwọn ọkùnrin, ó mirí, ó ní, "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ." Ó rò pé òun ń bọlá fún òkú ni. Màmá ní bí ọmọ náà ṣe gbọ́ ọ báyìí, ó dìde, ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé, kò sì padà wọlé títí tí àlejò fi lọ tán.

Mo fẹ́ràn òwe wa, òun ni mo fi ń tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n òwe yìí kò yẹ kó wọ ilé tí ẹnì kan ti pa ara rẹ̀. Ó sọ ikú di ìdáhùn sí gbèsè, ó sì sọ ọ́ di ìwà akin. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé ẹni tí èèyàn rẹ̀ pa ara rẹ̀ wà nínú ewu ju ẹni tí àìsàn pa èèyàn rẹ̀ lọ, pé òun náà lè máa ro ikú. Èyí ló fà á tí kò fi yẹ kí ọ̀rọ̀ wa mú kí ikú dà bí ibi ìtura, tàbí bí ohun tó yẹ kí akọni ṣe. Dípò "ó ti lọ sinmi", ohun tí mò ń sọ báyìí ni "Ìrora ọkàn rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ó dùn mí pé kò rí ọ̀nà míì." Ìrora ni mo dárúkọ níbẹ̀, n kò yin ikú.

Mo bi Màmá pé ṣé ẹnì kankan ti bi àbúrò náà léèrè. Ó ní, "Kí la fẹ́ bi í? Ká má lọ fi sí i lọ́kàn." Ìbẹ̀rù tí ọ̀pọ̀ wa ní nìyí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá bi èèyàn léèrè tààrà bóyá ó ń ro ikú, a kò gbìn ín sí i lọ́kàn. Bí ó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìbéèrè náà ló máa ń jẹ́ kó rí ẹni sọ ọ́ fún. Ìgbà tí ọmọ náà dé lálẹ́, mo bá a jókòó sídìí alùpùpù rẹ̀. Mo ní, "Àbúrò mi, látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ǹjẹ́ ó máa ń wá sí ọ lọ́kàn pé kí ìwọ náà pa ara rẹ?" N kò sọ pé "O ò kúkú ń ro ìròkurò, àbí?" torí ẹni tí a bá bi báyẹn, "rárá" la ti gbé sí i lẹ́nu. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, lálẹ́ ni."

N kò bá a jiyàn, n kò sì fi ọmọ àti ìyá bú u. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ ọ́. Mo bi í bóyá ó ti ro ọ̀nà tó máa gbà àti ìgbà tó máa jẹ́, torí ibẹ̀ ni a ti ń mọ bí ewu náà ṣe sún mọ́ tó. Lóru ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wá sùn sínú yàrá rẹ̀, a kó oògùn oko àti ohun mìíràn tó léwu kúrò nílé lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, a mú un lọ rí nọ́ọ̀sì. Ìbáwí tàbí ìwàásù kò lè ṣe èyí. Ẹni tó wà nítòsí tó bá gbọ́ pé ó ní ọ̀nà àti ìgbà lọ́kàn kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń lọ, mo sọ fún un nípa Gregúà Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń tún táyà ṣe ní ilẹ̀ Ivory Coast, tó di onítakisí, tí okòwò rẹ̀ sì dojú dé débi pé òun fúnra rẹ̀ ń sọ ní gbangba pé òun rò ó láti pa ara òun. Òun ló dá àwọn ilé ìtọ́jú Sẹ́ǹtì Kàmíìlì sílẹ̀ fún àwọn tí ìṣòro ọpọlọ ń bá jà, ọ̀kan sì wà ní Afránkú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàṣẹ́ wa níbí. Àbúrò mi bi mí pé, "Onítakisí ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i kó gbé ojú sókè.

Ìbéèrè tí mo fi parí ohùn mi ni Màmá gbé dé kẹ́yìn. "Kí ló dé? Ṣé kò sọ nǹkan kan fún yín ni?" Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí nígbà tó ń tún un sọ. Ó ní, "Gbogbo èèyàn ló bi mí. Gbogbo èèyàn. Mo sì ti bi ara mi kí ẹ tó bi mí." Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti bá ọmọ náà wí pé ó gbé àwo ọbẹ̀ sílẹ̀ láì bò ó. Àwo ọbẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n ó ti ń ka ìbáwí yẹn mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn bí ẹni pé òun ló pa ọmọ náà. Ẹni tó bá bi irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé kí ló dé, ó gbé àga ìdájọ́ síwájú rẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ sọ pé "ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbé, ẹ ò mọ̀?" láì gbóhùn sókè, ohun tó gbọ́ ni pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.

Kì í sì í ṣe pé ìdáhùn kan wà tó ń fi pamọ́. Gbèsè wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kétu ló jẹ gbèsè tí wọn kò pa ara wọn. Àìrí-oorun-sùn wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, oúnjẹ ń já a kulẹ̀, ó ti fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọtí sì ti wọ̀ ọ́ díẹ̀. Ohun púpọ̀ ló máa ń pàdé pọ̀ kí èèyàn tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá mú ọ̀kan ṣoṣo, yálà ìyàwó tó bá a jà tàbí ọ̀rẹ́ tó ń béèrè owó rẹ̀, ó ti fa ẹlẹ́bi kan jáde láàárín ẹbí. Àwọn kan sọ pé ayé ló ṣe é, pé kí wọ́n lọ wádìí. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ìyàwó òkú kò lè jókòó sáàárín àwọn ìyálé ilé fún ọjọ́ mẹ́jọ. Opó tó yẹ kí a gbá mọ́ra ni wọ́n ń wò kọ̀rọ̀.

Ohun tí mo sọ fún Màmá lọ́jọ́ yẹn, mo sọ ọ́ ní kúkúrú. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì mí nítorí ìbéèrè yẹn. N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo fẹ́ràn ọmọ yín, ikú rẹ̀ dùn mí. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ jẹ́ ká máa bó ẹ̀gúsí." N kò sọ pé "kì í ṣe ẹ̀bi yín" lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà lẹ́nu mi. Nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún mi lẹ́yìn náà pé tí a bá tètè sọ ọ́, ó máa ń dà bí ẹni tó ń pa ẹnu ìyá náà mọ́. Kí ó kọ́kọ́ sọ ẹ̀bi tó ń dà á láàmú tán. Nígbà tí Màmá sọ ọ̀rọ̀ àwo ọbẹ̀ tán, ìgbà yẹn ni mo tó ní, "Ìyá wo ni kì í bá ọmọ wí lórí àwo? Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ pa á."

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn nítorí pé inú èdè wa gan-an ló wà. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí a ní fún irú ikú yìí ló ti ru ọ̀nà tí ẹni náà gbà kú mọ́ra. "Ó pokùnso." "Ó gbé májèlé jẹ." Bí a bá ti la ẹnu, a ti gbé àwòrán náà síwájú ìyá, ìyàwó àti ọmọ. Wọ́n ti rí i lẹ́ẹ̀kan, a tún ní kí wọ́n wò ó. Ẹni tó sì ń ro ikú nítòsí lè gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ìtọ́ni. "Ṣekú pa ara rẹ̀" tí a ń gbọ́ lórí rédíò kò ru ọ̀nà, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀daràn wà nínú rẹ̀. Ní Nàìjíríà lọ́dọ̀ àwọn ará wa, òfin ọ̀daràn tí wọ́n jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, abala 327, ti ka ẹni tó gbìyànjú rẹ̀ sí arúfin látọjọ́ pípẹ́, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Èmi máa ń sọ pé "ó pa ara rẹ̀" tí ó bá pọn dandan kí n sọ ọ́ ní tààrà, tàbí "ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀". Ṣùgbọ́n kí n tó sọ èyíkéyìí, mo máa ń fetí sí ọ̀rọ̀ tí ẹbí ń lò. Màmá ń sọ pé "ọjọ́ tí ọmọ mi lọ". Nítorí náà, "ọjọ́ tó lọ" ni èmi náà ń sọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan lè ṣí ìlẹ̀kùn ilé ọ̀fọ̀ tàbí kó tì í. Gbogbo wa la mọ ìtàn Ṣàngó ní Kòso. Àwọn kan ń pariwo pé ọba so. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ dáhùn pé "Ọba kò so", gbólóhùn yẹn ló sì wà lẹ́nu àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ títí dòní. N kò mú ìtàn náà wá láti sọ pé ká máa sẹ́ òótọ́. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé àwọn olùfẹ́ òkú kò gbà kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn gbé gbogbo ayé rẹ̀ mì.

Sísẹ́ òótọ́ náà ní ewu tirẹ̀. Òkú yìí fi ọmọbìnrin ọdún méje sílẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé bàbá rẹ̀ lọ sí Gàbọ́ọ̀nù. Ọmọ náà wá ń bi gbogbo ẹni tó bá ti ìrìn àjò dé pé ṣé wọ́n rí bàbá òun, títí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi ju ọ̀rọ̀ ikú bàbá rẹ̀ lù ú ní iléèwé. Ó wá mọ̀ pé bàbá òun kú, ó sì tún mọ̀ pé gbogbo àgbà ilé ń purọ́ fún òun. Ìyá rẹ̀ pè mí, a jọ wá ọ̀rọ̀ tí ó lè sọ. Èyí tó sọ fún un nìyí: "Bàbá rẹ kú. Àìsàn kan bá ọkàn rẹ̀ jà, èyí tí a kò lè fojú rí, ó sì mú kó pa ara rẹ̀. Kì í ṣe torí ohun tí o ṣe. Ó fẹ́ràn rẹ. Ìgbàkigbà tí o bá fẹ́ béèrè nǹkan kan, bi mí." Ọmọ náà béèrè ìbéèrè kan péré: ta ni yóò máa gbé òun lọ sí iléèwé lórí alùpùpù? Bàbá rẹ̀ kékeré ní òun ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, àwọn èèyàn kì í wá mọ́. Nílé irú òkú yìí, wọn kì í tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́, wọ́n rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe. Mo lọ ní oṣù kẹta. Mo pe orúkọ ọmọ náà níwájú Màmá, mo ní mo rántí ọjọ́ tó wá sí Àjàṣẹ́ tó gbé ìbejì mi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láyà, tó ń jó fún wọn kí wọ́n tó sùn. N kò mọ̀ bóyá mo ṣe dáadáa. Màmá gbé ojú sókè, omi wà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ijó burúkú ló máa ń jó. Ó ti ń jó o láti kékeré." Ó gbé igbá ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dìde, ó sì fi bí ó ṣe ń jó o hàn mí.